Ẹ Tú Ẹrù Náà Kí Ẹ Tó Pe Owó

Ọmọ àbúrò mi kò tíì jókòó dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé kí n dá wọn lóhùn ni, àbí kí n kàn dákẹ́?" Ìbàdàn ló ń gbé. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ló máa ń sè nínú fídíò tó ń gbé sórí Ínsítágráàmù, àwọn tó sì ń tẹ̀lé e níbẹ̀ ti tó 38,000. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta òróró ìdáná ló kọ̀wé sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, àwọn sì fẹ́ kó fi òróró àwọn dín àkàrà nínú fídíò oníṣẹ́jú kan, kó tún fi sítórì mẹ́ta tì í lẹ́yìn, irú èyí tó máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Owó tí wọ́n fẹ́ san jẹ́ ₦80,000.

Ó ti kọ ìdáhùn méjì sílẹ̀, kò kàn tíì fi ìkankan ránṣẹ́ ni. Èkíní sọ pé, "Bí ilé-iṣẹ́ yín ṣe tóbi tó yẹn, ṣé ojú kò tì yín láti pe iye yìí?" Èkejì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún un, nǹkan ti gbówó lórí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ni." Mo ní kó pa méjèèjì rẹ́. Èkíní á bí ẹni tó kọ̀wé sí i nínú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èkejì sọ ọ́ di ẹni tó ń tọrọ, bẹ́ẹ̀ ọjà ló ń tà. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti ohun tó ń náni.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo ti wà lára àwọn tó ń kọ irú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ilé-iṣẹ́ alágbàtà ìpolówó kan ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń gba lẹ́tà wa máa ń rò pé ẹni tó kọ ọ́ ló ni owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀dọ́ kan ló máa ń kọ ọ́, ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní iye kan tó máa pín fún èèyàn mẹ́wàá tàbí ogún, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí o bá ní owó náà kéré, kò láṣẹ láti fi kọ́bọ̀ kún un. Ohun tó lè ṣe ni pé kó gbé lẹ́tà rẹ lọ síwájú ọ̀gá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Lẹ́tà rẹ ló máa bá ọ sọ̀rọ̀ níbi tí o kò sí. Bí èébú bá wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ yẹn kò ní gbé e dé ibẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló máa yàn. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ọ̀gá máa ní, "Ẹ fi sílẹ̀, á padà gba iye yẹn náà." Èmi fúnra mi ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bí ìṣirò tó ṣe é kà bá wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ náà ti rí ohun tó máa fi gbè ọ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá sì ti rí ohun tó lè mú àti ohun tó lè fi sílẹ̀.

Mo wá ní kó fi gbogbo ìwé náà hàn mí, kì í ṣe ìlà tí owó wà nìkan. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìkíni, ohun mẹ́ta wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè lo fídíò náà níbikíbi tó bá wù wọ́n fún ọdún kan. Ọmọ àbúrò mi kò gbọ́dọ̀ polówó òróró mìíràn fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n á sì sanwó fún un ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí fídíò bá jáde. Ó ní òun ti kà á. Mo bi í pé èló ló pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó wo ojú mi, kò fèsì.

Ibẹ̀ ni owó máa ń farapamọ́ sí. Bí fídíò bá wà lójú-ewé rẹ̀ nìkan, àwọn tó ń tẹ̀lé e àti àwọn tí Ínsítágráàmù bá fi hàn ló máa rí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti rọlẹ̀. Àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ bá gbé e sọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n lè sanwó fún Ínsítágráàmù kó máa tì í síwájú àwọn ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, láti oṣù dé oṣù. Wọ́n lè gé ojú rẹ̀ lẹ sára pátákó lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ojú àti ohùn rẹ̀ á máa bá wọn tajà fún odindi ọdún kan, láìsí kọ́bọ̀ mìíràn. Ti oṣù mẹ́fà tí kò gbọ́dọ̀ polówó òróró mìíràn tún yàtọ̀ síyẹn, torí iṣẹ́ tí kò tíì dé ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà náà bá sì ká àsìkò Kérésì mọ́, tí àwọn olóróró máa ń wá èèyàn kiri, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa dá wọn padà. Sísan owó ní 60 ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọjọ́ tí ẹni tó ń bá a ya fídíò bá parí iṣẹ́ ló máa gba owó tirẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni yóò wá yá ilé-iṣẹ́ ńlá ní owó fún oṣù méjì.

Ẹni tó bá ti ná ọjà rí ní Bódìjà á mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bí oníbàárà bá dúró níwájú ìyá oníṣu, tó ní owó òun kò tó iṣu márùn-ún tó wà nílẹ̀ yẹn, ìyá náà kì í bú u, kì í sì í ṣàlàyé fún un pé ọmọ òun kò tíì san owó ilé-ìwé. Ó máa mú iṣu kan kúrò nílẹ̀, á ní, "Ẹ mú mẹ́rin lọ." Owó iṣu kan kò yí padà, ìkójọ náà ló dín kù. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe fídíò ni pé wọ́n á gba owó iṣu mẹ́ta, wọ́n á sì kó márààrún fún oníbàárà. Nígbà míràn wọ́n á tún fi èènì lé e kí wọ́n tó dá iye owó rárá. Ẹni tó ń ta gàrí kì í bu èènì kí owó tó dúró.

A mú ìwé àti bírò, a jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tí fídíò àkàrà kan máa ná an, kó má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti àwọn ohun èlò tó kù jẹ́ ₦9,500. Ẹni tó máa ya fídíò fún ọjọ́ kan máa gba ₦25,000, ẹni tó máa gé e tó máa tò ó pọ̀ máa gba ₦20,000. Epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦7,000, torí iná kì í dúró títí a ó fi dín àkàrà tán. Dátà àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦6,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦68,000. Bó bá gba ₦80,000 yẹn, ₦12,000 ló máa kù fún un. Ọjọ́ kan ló fi máa lọ sọ́jà tó sì máa rẹ ẹ̀wà, ọjọ́ kan ló fi máa ya fídíò, ọjọ́ kan ló fi máa wo àtúnṣe tó sì máa kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. ₦4,000 lójúmọ́ nìyẹn. Ó gbé bírò sílẹ̀. Kò tíì ṣe ìṣirò náà rí láti ọdún méjì tó ti ń gba iṣẹ́.

Mo bi í pé iye wo ló fẹ́ gbà fún ọjọ́ kan tó bá fi ṣiṣẹ́. Ó ronú títí, ó ní ₦30,000. Mo ní ó dáa. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦90,000. Bí a bá fi ₦68,000 kún un, ó di ₦158,000, a sì sọ ọ́ di ₦160,000. Owó fídíò àti sítórì mẹ́ta lójú-ewé tirẹ̀ nìkan nìyẹn. Fún lílo fídíò náà fún ọdún kan, pẹ̀lú fífi owó tì í, a fi ₦90,000 sí i. Fún yíyẹra fún òróró mìíràn, a fi ₦10,000 sí oṣù kan, oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦60,000. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè jẹ́ ₦310,000. Owó tí wọ́n pè kò ju bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Níbí ni mo ti dá a dúró díẹ̀, torí ó fẹ́ sọ ọ́ di ₦600,000 kí wọ́n lè já a sí ìdajì. Lójúkojú ọjà, ẹni tó pe owó gọbọi lè rẹ́rìn-ín músẹ́, kó ní, "Ẹ padà wá, ẹ sọ tiyín." Kò sí ẹ̀rín nínú ìwé. Ẹni tó kà á á ti ìwé náà, á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń se oúnjẹ. Iye tí o bá pè, kí o lè ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ó tún kù kí a mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ máa fi wọn òun náà wò. Ó ní fídíò òun kan wà tí èèyàn 210,000 wò. Mo ní kó gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A to mẹ́wàá tó kẹ́yìn láti èyí tó kéré jù sí èyí tó pọ̀ jù, a wá wo àárín. Bí 24,000 ló wà níbẹ̀. Iye tó yẹ kó fi hàn wọ́n nìyẹn, torí bí wọ́n bá ra iṣẹ́ lórí 210,000 tí wọ́n wá rí 24,000, wọn kò ní padà wá mọ́, á sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ilé-iṣẹ́ máa ń pín owó sórí ẹgbẹ̀rún èèyàn tó wò ó. ₦80,000 lórí 24,000 jẹ́ bíi ₦3,300 fún ẹgbẹ̀rún kan. ₦310,000 jẹ́ bíi ₦12,900. Ọ̀gá kan lè ní òun lè fún Ínsítágráàmù lówó tí kò tó bẹ́ẹ̀ fún iye ojú kan náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó ní láti rí fídíò tó máa tì, kò sì ní rí ẹni tó máa rẹ ẹ̀wà, bó o, lọ̀ ọ́, dín in, yà á, kó sì fi ohùn tí èèyàn ti gbà gbọ́ sọ̀rọ̀ lé e, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ya owó ṣíṣe fídíò sọ́tọ̀ kúrò lára owó lílò ó. Ẹni tí èèyàn 900 ń wo fídíò rẹ̀ lè gba owó ṣíṣe fídíò náà, ṣùgbọ́n kò lè béèrè ₦310,000 kó sì retí pé kí wọ́n dá a lóhùn.

Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tó fi ránṣẹ́, àmọ́ Yorùbá la kọ́kọ́ sọ ọ́ ní, torí etí wa tètè máa ń gbọ́ ìbínú àti ẹ̀bẹ̀ nínú èdè wa. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ wo fídíò mi, ẹ sì rò pé ó yẹ òróró yín. Inú mi máa dùn láti fi dín àkàrà, torí òun ni àwọn tó ń wò mí ń béèrè jù.

"Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ béèrè. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ṣíṣe fídíò àti sítórì mẹ́ta, lílo fídíò náà lọ́dọ̀ yín fún ọdún kan, àti yíyẹra fún òróró mìíràn fún oṣù mẹ́fà. Owó mi fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦310,000: ₦160,000 fún àkọ́kọ́, ₦90,000 fún èkejì, ₦60,000 fún ẹ̀kẹta.

"Bí ìyẹn bá ju ohun tí ẹ yà sọ́tọ̀ lọ, a lè dín iṣẹ́ náà kù. Fún ₦200,000, màá ṣe fídíò àti sítórì mẹ́ta, ẹ lè gbé fídíò náà sójú-ewé tiyín fún oṣù mẹ́ta láìfi owó tì í, n kò sì ní polówó òróró mìíràn fún oṣù kan. Bó bá jẹ́ ₦80,000 ló wà nílẹ̀, màá fi fóònù mi ya sítórì mẹ́ta níbi tí mo ti ń fi òróró yín dín àkàrà, ojú-ewé mi nìkan ni yóò sì wà.

"Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìdajì owó ṣáájú, ìyókù láàárín ọjọ́ 14 tí iṣẹ́ bá jáde. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan wà nínú rẹ̀. Mo fi iye èèyàn tó wo fídíò mi mẹ́wàá tó kẹ́yìn àti ìlú tí wọ́n ti ń wò wọ́n mọ́ ọn.

"Èwo ló bá ètò yín mu jù? Mo fi àyè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ dè yín títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun mà."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ẹ má bínú" níbẹ̀, torí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé owó wọn kéré. Ó sọ ohun tí owó wọn lè rà. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún fi iṣẹ́ kan sí ₦80,000, kí ọ̀dọ́ tó kọ̀wé má bàa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́wọ́ òfo. Ìbéèrè ló fi parí rẹ̀, ìbéèrè tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Bí o bá fi "mò ń retí yín" parí rẹ̀, o ti ní kí wọ́n lọ ronú, ẹni tó sì ń ronú lè gbàgbé. Ìlú tí wọ́n ti ń wò ó tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ta òróró yìí. Bí ìdajì àwọn tó ń wò ó bá jẹ́ ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, wọn kò lè rà á, ilé-iṣẹ́ sì tọ̀nà láti yọ ìyẹn kúrò nínú iye tí wọ́n máa san.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Wọ́n ní ₦150,000 ni òpin agbára àwọn, àmọ́ gbogbo ohun tí àwọn béèrè làwọn ṣì fẹ́. Inú ọmọ àbúrò mi dùn, ó fẹ́ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo ní kó wo ìwé wa. Owó ti gòkè lóòótọ́, àmọ́ iṣu márààrún ṣì wà nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe òpin náà kò burú, ó tiẹ̀ jẹ́ àmì tó dára. Ẹni tó ń dán ọ wò lásán máa ń tún iye àkọ́kọ́ pè tàbí kó dákẹ́. Ẹni tó bá pe iye tuntun ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn kejì kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó dúpẹ́ pé wọ́n fi kún un. Ó ní ₦150,000 máa gbé fídíò oníṣẹ́jú kan àti sítórì méjì lójú-ewé tirẹ̀. Wọ́n lè pín in láti ibẹ̀, àmọ́ wọn kò ní gbé e sọ́dọ̀ wọn. Kò ní polówó òróró mìíràn fún ọjọ́ méje. Sítórì kan tó yọ jẹ́ ₦10,000, ìdí nìyẹn tí ₦160,000 fi di ₦150,000. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ lo fídíò náà lọ́jọ́ iwájú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn máa sọ̀rọ̀ owó rẹ̀ nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbà.

Ohun méjì kan wà tí mo ní kó kọ sínú àdéhùn kó tó gba ₦75,000 àkọ́kọ́. Àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 fún láṣẹ lórí ìpolówó ní Nàìjíríà, fẹ́ kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí ayélujára kò sì yọ sílẹ̀. Oúnjẹ ni òróró, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan àjọ NAFDAC náà. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà ló yẹ kó gba ìwé àṣẹ, kó sì san owó rẹ̀, àmọ́ bí ìwé àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe fídíò lè jí lọ́jọ́ kan kó bá ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì ni owó-orí. Ilé-iṣẹ́ tó bófin mu máa ń yọ owó-orí nínú owó alágbàṣe kí wọ́n tó san án. Ó yẹ kó wà lákọsílẹ̀ bóyá ₦150,000 jẹ́ iye tó wà kí wọ́n tó yọ ọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí owó wọlé ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe kejì, bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, a fi ₦15,000 sí i. Ti àmì tó ń sọ fún àwọn òǹwòran pé owó wà nídìí fídíò náà, òun fúnra rẹ̀ ti ń fi sí i tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń ná.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń rí báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n á ní àwọn kò lówó, páálí òróró làwọn máa fún yín. Bí ẹ bá ń lo òróró náà nílé, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ sítórì kan, kò burú, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹni tó ya fídíò kò ní gba òróró lọ́wọ́ yín. Ti obìnrin tó ń po ọṣẹ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òun kò ní ọ̀gá tó fi owó pamọ́, iye tó pè ni iye tó ní, ó sì yẹ kí ẹ lè ṣe iṣẹ́ kékeré fún un láìfi ìwé gígùn dá a lágara. Bí ilé-iṣẹ́ bá dákẹ́ lẹ́yìn lẹ́tà yín, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá wá rọ owó tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ìránnilétí yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò bi í, ti sọ fún wọn pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́, tàbí kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú-ewé yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà kan wà tó yẹ kí ẹ kọ̀ pátápátá. Ọmọ àbúrò mi ti fi iye kan sọ́kàn kí lẹ́tà tó lọ: bí ohun tó máa kù fún un lẹ́yìn ìnáwó bá dín sí ₦60,000, kò ní ṣe fídíò náà. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan náà tí a fi ṣe ìṣirò, kó má bàa gbàgbé bí inú rẹ̀ bá dùn jù. Ohun tó kù fún un nínú ₦150,000 jẹ́ ₦82,000 kí wọ́n tó yọ owó-orí. Kò tó ₦30,000 lójúmọ́ tó fẹ́, àmọ́ kò jìnnà sí i, òun ló sì ni fídíò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí fídíò àkàrà náà jáde, ọ̀dọ́ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tún kọ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀ ti rí i, ó sì fẹ́ kí àwọn fi owó ti fídíò náà fún oṣù mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pe iye kankan. Ó béèrè pé, "Èló lẹ máa ń gbà fún ìyẹn?" Ọmọ àbúrò mi pe ₦60,000, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, owó náà sì wọlé kí fídíò tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.